Ẹgbẹ̀rún méjì náírà tó dá ìwé ṣíà dúró ní Kàbà

Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni mo pe kíkọ owó ṣíà ilé-iṣẹ́ kan sínú ìwé, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà péré ló fà á, inú sì ń bí mi síbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà ń ta ṣíà 5,000,000. Iye ojú ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦1, wọ́n tà á ní ₦1.50, 50 kọ́bọ̀ tó lé lórí rẹ̀ ni pirémíọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ rà á yóò san 50 kọ́bọ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, 75 kọ́bọ̀ owó ìpín nígbà tí wọ́n bá pín in (pirémíọ̀mù wà nínú èyí), àti 25 kọ́bọ̀ nígbà ìpè ìkẹyìn, ìyẹn nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá béèrè owó tó kù.

Ìbéèrè fún ṣíà 7,500,000 wọlé. Wọ́n kọ 1,500,000 nínú rẹ̀ pátápátá, a sì dá ₦750,000 padà fún àwọn tó ni ín. Ìyẹn ò le, bí orúkọ àkáǹtì bá ṣáà ti bá orúkọ orí fọ́ọ̀mù mu. Àwọn tó kù béèrè 6,000,000, wọ́n sì fún wọn ní márùn-ún nínú mẹ́fà. Owó wọn tó lé, ₦500,000, kò padà sílé: a fi dín owó ìpín kù láti ₦3,750,000 sí ₦3,250,000.

Ibí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní Ìsánlú tó gba ṣíà 20,000 kò san owó ìpín. Mo fi 75 kọ́bọ̀ sọ 20,000 di ₦15,000, mo yọ ọ́ kúrò, mo ń retí ₦3,235,000 ní báńkì. Báńkì ní ₦3,237,000. Mo tún gbogbo rẹ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì, mo fura sí owó báńkì, mo fura sí akọ̀wé. Lásán ni. Ìwé orúkọ tí wọ́n kó fún mi kọ iye ṣíà tí oníkálùkù gbà, kò kọ iye tó béèrè! Nígbà tí mo wá fọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde, 24,000 ló béèrè. ₦12,000 ló san. ₦10,000 ni owó fọ́ọ̀mù ṣíà 20,000 tó gbà, ₦2,000 tó lé sì ti wọ inú owó ìpín rẹ̀. ₦13,000 ni gbèsè tó jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ₦2,000 mi ṣe yọjú. Bí mo bá tún rí irú iṣẹ́ yìí, iye tí wọ́n béèrè ni n ó kọ́kọ́ bi wọ́n.

Kò san ₦5,000 ti ìpè náà. Ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ fún un ní ọjọ́ 14. Nígbà tó kọjá, àwọn olùdarí gba ṣíà náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dín owó ìpìlẹ̀ kù ní ₦20,000, mo sì dín pirémíọ̀mù kù ní ₦10,000, nítorí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ láì tíì rí i gbà. Ká ní ó ti san án ni, n kò ní fọwọ́ kàn án. Ní òdìkejì, gbèsè ìpín ₦13,000 àti ti ìpè ₦5,000 parẹ́, ₦12,000 tó ti san wọ àkáǹtì ṣíà tí a gbà padà. Ó dọ́gba gẹ́lẹ́, mo sì fi yangàn.

Ẹlòmíràn ní Mọ̀pà ra 20,000 náà ní 80 kọ́bọ̀, ₦16,000. ₦4,000 tó dín sí iye ojú ìwé jáde láti inú ₦12,000, ó ku ₦8,000. Ọ̀gá kan ní kí n kọ ọ́ sí èrè ọdún. Mo ní, “Ẹ má bínú sà, pirémíọ̀mù ló ń lọ. A ò lè pín in fún àwọn onípìn-ín bí èrè.”