Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ń dá olùwòran dúró
Ẹ̀yin ará, ẹ ṣí fídíò yín mẹ́ta tí àwọn ènìyàn wò pẹ́ jù lọ lórí YouTube. Ẹ tẹ "Show transcript" nínú àpèjúwe rẹ̀, kí ẹ da ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kọ sínú fáìlì kan pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ìlà "Audience retention", tó ń fi iye olùwòran tó ṣì ń wò hàn, ti tẹ́jú nínú YouTube Studio, kí ẹ ka ohun tí ẹ ń sọ níbẹ̀.

Nínú fídíò mi lórí títún fóònù ṣe, mo rò pé ọ̀rọ̀ gíláàsì ojú fóònù ni àwọn olùwòran ń bá bọ̀. Nígbà tí mo fi Ctrl+F wá "bátìrì", ó jáde ní ìgbà 14. Mọ́kànlá nínú rẹ̀ wà láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 6, níbi tí ìlà náà ti tẹ́jú gan-an. Bó ṣe rí nínú fídíò méjì yòókù náà nìyẹn, ni mo bá ya fídíò bátìrì lọ́tọ̀.

Ẹ rántí pé ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ fídíò sílẹ̀ máa ń ṣi orúkọ kọ, nítorí náà ẹ wá àṣìkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìlà bá sì ṣàdédé ga ṣóńṣó, ẹ tẹ́tí sí ibẹ̀ fúnra yín. Ó lè jẹ́ pé ohùn yín kò já gaara, tí wọ́n fi ń dá a padà sẹ́yìn.