Ẹkún Ọjọ́ Kẹta Kì Í Ṣe Ẹkún Ọ̀sẹ̀ Kẹfà: Àṣìṣe Tí Ìdílé Máa Ń Ṣe Lórí Ìyá Ìkókó

Ìyàwó kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí n'Íbàdàn. Mama ló gbé ọmọ. Ìyá ọmọ jókòó ti ògiri, ó di báàgì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. A wọn ọmọ, ó sanra dáadáa. Abẹ́rẹ́ wọ itan ọmọ, ó figbe ta, ìyá rẹ̀ kò yíjú wò ó.

Mo ní, "Mama, báwo ni ara ìyá ọmọ wa?"

"Ó wà dáadáa, nọ́ọ̀sì. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni. Ṣebí gbogbo wa la bímọ."

Ìyá tó nífẹ̀ẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni Mama yìí. Òun ló ń se àmàlà, òun ló ń fi omi gbígbóná wẹ ìyàwó láàárọ̀ lálẹ́, òun ló ń pọn ọmọ. Síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù kó tó yé e pé àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ ló ń bá wọn gbé nínú ilé. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni mo fẹ́ sọ, torí pé ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti máa ń ṣì í.

Ẹ má ṣe gbàgbé láti ka ọjọ́

Nígbà tí mo bi Mama bóyá ìyàwó ń sunkún nílé, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ kẹta tó ti bímọ ló ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ̀ sì ti sọ fún wọn pé kò sí ohun tó ń ṣe é, pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì náà sọ. Ohun tí ìdílé kò rántí bi í ni pé, ìgbà wo ni yóò lọ?

Bí ibi ọmọ bá ti jáde tán, àwọn hòmóònù tó fi oṣù mẹ́sàn-án gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin á já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oorun kò tó, egbò ń dun ún, ọmú ń wú. Nítorí náà, ju ìdajì àwọn ìyá lọ ló máa ń sunkún láìnídìí láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Obìnrin á rẹ́rìn-ín sí ọmọ, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà omijé á bọ́, torí pé ẹnì kan gbàgbé láti bu ẹran fún un. Ìkanra á wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ inú rẹ̀ ṣì ń dùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sùn bí àyè oorun bá yọ. Èyí kì í ṣe àìsàn, kò sì nílò oògùn. Oúnjẹ, oorun àti ẹni tó lè bá a gbé ọmọ ló nílò.

Ìsọmọlórúkọ ni mo máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn ìdílé. Ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà náà, ẹkún ti yẹ kó máa fà sẹ́yìn. Bí ó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ìyẹn bí ọjọ́ 14 sí 15, ó yẹ kó ti tán. Bí kò bá tán, tàbí tó tán tó tún padà wá, ẹ mú un wá. Kódà bó bá jẹ́ oṣù kẹta tàbí oṣù kẹfà ló bẹ̀rẹ̀, ẹ mú un wá, torí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì lè yọjú nígbàkigbà láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ní in láti inú oyún. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Nígbà tí dókítà ọpọlọ Abíọ́dún Adéwùyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìyá wò ní Iléṣà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, wọ́n rí i lára bí ìyá 14 sí 15 nínú 100.

Ìyàwó tí mo ń sọ yìí sunkún lọ́jọ́ kẹta, ó jó níbi ìsọmọlórúkọ, gbogbo wọn sì rí i. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni nǹkan yí padà.

Ẹ má ṣe máa wá omijé

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn, kò sunkún mọ́. Ìyẹn gan-an ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ó dákẹ́. Ó ń fún ọmọ lọ́mú bí ẹni ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n rán an, kò pè é ní oríkì mọ́, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí àlejò bá wá kí i kú ewu ọmọ, á ní orí ń fọ́ òun, á wọ yàrá lọ.

Nígbà tí mo bi òun fúnra rẹ̀, kò sọ pé inú òun bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé, "Orí mi ń gbóná, mà. Ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Àyà mi sì máa ń já ṣáá." Ọkọ rẹ̀ ti ra oògùn ibà fún un lẹ́ẹ̀mejì ní kẹ́míìsì láìṣe àyẹ̀wò. Báyìí ni àìsàn ọkàn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ará ilé wa: orí gbígbóná, ara ríro, àyà jíjá. Bí ẹ bá ti lo oògùn ibà tán tí kò lọ, ẹ má lọ ra ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ, torí kò sí ilé tí kò lè dáhùn rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá gba ọmọ lálẹ́, tí ọmọ sùn, tí ilé dákẹ́, ṣé ìyá rẹ̀ ń sùn? Ẹni tó kàn rẹ̀ á ti máa hanrun kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe á la ojú sílẹ̀. Mo bi Mama. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun jí ní aago méjì òru lọ́pọ̀ ìgbà, òun sì bá ìyàwó níjòókòó létí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn, ọmọ sì wà lọ́dọ̀ òun láti aago mẹ́wàá. Ó rò pé ọmú ló ń dùn ún ni. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀.

Ẹ má dúró di ìgbà tó bá di abisínwín

Yorùbá mọ abisínwín, ó sì ní orúkọ fún un. Nítorí èyí, ìdílé gbà pé níwọ̀n ìgbà tí ìyá ọmọ kò bá rìn ìhòòhò, tí kò sọ ìsọkúsọ, kò sí nǹkan. Àárín ẹkún ọjọ́ kẹta àti abisínwín ni àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì wà, kò sì di dandan kó di abisínwín kó tó ba ayé obìnrin jẹ́.

Abisínwín fúnra rẹ̀ kò wọ́pọ̀, bí ìyá kan tàbí méjì nínú 1,000 ni, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kò sùn rárá fún òru méjì mẹ́ta, kò sì rẹ̀ ẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ó ń gbọ́ ohùn, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun tàbí pé iṣẹ́ kan wà tí òun gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn tó ní dókítà ọpọlọ. Ẹ má fi òun àti ọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Mo ti rí ìdílé tó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ lọ sí ilé àdúrà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ gbàdúrà o, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru a máa gba oúnjẹ àti oorun lọ́wọ́ ẹni tí oorun ti sá fún.

Ẹ má bẹ̀rù láti bi í nípa ikú

Mo ní kí Mama gbé ọmọ lọ sí ìta díẹ̀. Mo ka ìbéèrè mẹ́wàá kan fún ìyàwó, èyí tí àwọn ará Ẹ́díńbọ́rọ̀ ní Scotland ṣe ní 1987 tí a ń lò káàkiri. Ọjọ́ méje tó kọjá ló ń béèrè nípa rẹ̀: ṣé ó ń rẹ́rìn-ín, ṣé ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìnídìí, ṣé oorun ń dà á láàmú. Máàkì 30 ni gbogbo rẹ̀. Bó bá ti tó 10, a ń fura. Tó bá dé 13 sókè, dókítà gbọ́dọ̀ rí i. Máàkì yìí nìkan kò tó láti dájọ́ pé àìsàn ni. Ìyàwó gba 17.

Ìbéèrè kẹwàá ló ń béèrè bóyá ó ti wá sí i lọ́kàn láti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ó ní, "Nígbà mìíràn." Ó wá ní, "Ó máa ń ṣe mí bíi pé ọmọ yìí á rí ìyá tó dáa jù mí lọ." Máàkì yòówù kí ìyá gbà, ẹni tó bá dáhùn báyìí kò gbọ́dọ̀ padà sílé láìrí dókítà.

Àwọn ará ilé máa ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá béèrè, àwọn á fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí èrò náà kò sí lọ́kàn rẹ̀ á ní rárá. Ẹni tó wà lọ́kàn rẹ̀ máa ń mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ bi í ní kọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ tààrà: "Ṣé ó máa ń ṣe ọ́ bíi pé kó o má sí láyé mọ́?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bá a jà, ẹ má sọ fún un pé ó ń ṣe aláìmoore sí Ọlọ́run. Kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ kó oògùn àti kẹ́míkà kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ rí dókítà.

Ẹ má já oògùn rẹ̀ gbà nítorí ọmú, tàbí nítorí pé ara ti yá

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn tàírọ́ìdì tó wà lọ́rùn lè jọ ìrẹ̀wẹ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dín díẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Dókítà tún bi í bóyá ìgbà kan wà rí tí kì í sùn tí agbára rẹ̀ sì pọ̀ kọjá ààlà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, oògùn mìíràn ni wọn ì bá lò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́tírálíìnì, tí wọ́n sì ní kó máa wá jókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Díẹ̀ péré nínú oògùn yìí ló ń dé inú wàrà ọmú, nítorí náà kò gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Mama sì gba ọmọ láti aago mẹ́wàá di aago mẹ́ta òru, lójoojúmọ́.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, èébì ń gbé e díẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀ kankan. Ọkọ rẹ̀ pè mí, ó ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Oorun ló kọ́kọ́ padà. Nígbà tí wọ́n wá fún abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹwàá, òun fúnra rẹ̀ ló pọn ọmọ wá.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe tó kẹ́yìn. Inú ọkọ rẹ̀ dùn, ó ní kó dá oògùn dúró, ṣebí ara ti yá. Nígbà tí ọmọ fi máa gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ìyá ti padà sétí ògiri, báàgì lọ́wọ́. Oògùn yìí gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn tí ara bá ti yá, dókítà ni yóò sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. A tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n wá fún abẹ́rẹ́ èéyi nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́sàn-án. Káàdì oògùn rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì. N kò tíì fa abẹ́rẹ́ yọ tó ti ń sọ fún ọmọ pé, "Pẹ̀lẹ́, Àjọkẹ́ mi, ó ti tán, ó ti tán."