Bí a ṣe ń sọ ìwé ìlànà ààbò ìsọfúnni di "máa ṣe èyí, má ṣe tọ̀hún" fún òṣìṣẹ́ ojú kántà

Láti ìgbà tí Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti jáde lọ́dún 2023, àwọn ilé iṣẹ́ l'Ékòó ti ń gbé iṣẹ́ fún lọ́yà kí ó bá wọn kọ ìwé ìlànà. Ìwé náà á gùn, á dúró sínú fáìlì máníjà, ọmọbìnrin tó jókòó sí kántà ò sì ní fojú kàn án. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọmọbìnrin yìí ni ìsọfúnni àwọn èèyàn ń gbà kọjá láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan ní Súrùlérè ni: ẹnì kan lójú kántà, kaṣíà kan, máígàádì kan lẹ́nu géètì, àti ọmọ díspáàṣì tó ń fi ọ̀kadà gbé èsì lọ fún àwọn dókítà. Ọ̀rọ̀ ìlera wà lára ohun tí òfin náà kà sí ẹlẹgẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi mú un.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má tíì ṣí ìwé ìlànà náà. Ẹ lọ jókòó síbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ fi ojú bá ẹnì kan lọ láti géètì títí dé ibi tí ìwé tó bàjẹ́ ń já sí. Ẹ ó rí i pé lẹ́nu géètì, rẹ́jísítà àlejò ti gba orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ohun tó wá ṣe, ẹni tó tẹ̀ lé e sì ń ka gbogbo rẹ̀ kó tó kọ tirẹ̀. Lójú kántà, wọ́n ń pariwo irú àyẹ̀wò tó fẹ́ ṣe sí kaṣíà kí ó lè mọ iye owó. Ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èsì tí yíǹkì rẹ̀ pòfo wà nílẹ̀, ẹnì kan á sì tà á mọ́ ìwé àtijọ́ fún àwọn tó ń fi wé ẹ̀pà àti àkàrà. Ẹ kọ gbogbo ibi tí ọwọ́ ti kan ìwé náà sílẹ̀, àti ọwọ́ ta ni.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ṣí ìwé ìlànà. Ẹ mú gbólóhùn kan, bíi "A kò gbọ́dọ̀ fi ìsọfúnni aláìsàn han ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i," kí ẹ sì gbé e lọ sí ibì kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ sílẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí á di ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò jọra. Ti máígàádì: "Má ṣe béèrè ohun tí wọ́n wá ṣe. Fún kálukú ní ìwé pélébé tirẹ̀ kọ." Ti ojú kántà: "Má ṣe pariwo orúkọ àyẹ̀wò. Kọ ọ́ sórí ìwé owó, kí o nà án sí kaṣíà." Ti díspáàṣì: "Má ṣe gba àpò èsì tí wọn ò lẹ̀ pa. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ wà lára àpò ni kó fọwọ́ sí i, kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà." Gbólóhùn tí kò bá balẹ̀ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, irú èyí tó ń sọ nípa àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ fi sílẹ̀ fún máníjà. Kò sí ohun tí máígàádì fẹ́ fi ṣe.

Ẹ ó ti kíyè sí i pé gbogbo "má ṣe" ló ní "ṣe" lẹ́yìn. Èmi ò gba "má ṣe" tó dá dúró, torí pé òṣìṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́wàá to síwájú rẹ̀ á padà sí ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí ẹ ò bá fún un ní ọ̀nà mìíràn.

Ibi tó le jù nìyí. Bàbá kan wọlé, ó wọ agbádá, ó ní, "Ìyàwó mi wá ṣe àyẹ̀wò níbí lánàá, èmi ni mo san owó, ẹ fún mi lésì ẹ̀." Ọmọ ọdún méjìlélógún ló wà lójú kántà. Bí ìwé yín bá kàn sọ pé "Má ṣe fún ẹlòmíràn lésì," kò lè ṣeé ṣe: ta ni yóò wo ojú àgbàlagbà kó ní "rárá"? Ẹ ní láti kọ ọ̀rọ̀ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ á kọ ọ́ pé, "Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ ká pe màmá kí wọ́n fọwọ́ sí i." Ó níwà, àmọ́ ó ti jẹ́wọ́ pé obìnrin náà wá. Bóyá ohun tí bàbá wá wádìí gan-an nìyẹn. Èyí tó dáa ni: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ má bínú, ẹnikẹ́ni tó bá ṣe àyẹ̀wò níbí, òun tàbí ẹni tó bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ la máa ń fún lésì. A kì í sì í sọ bóyá ẹnì kan wá tàbí kò wá, bó ti wù kó jẹ́. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé gbígbà èsì, ẹ mú un wá sà." Bí bàbá bá gbaná jẹ, ìlà tó kàn nínú ìwé ni: "Pe máníjà. Má ṣe bá a jiyàn."

Kí irú ìjà yẹn lè dínkù, ẹ gbé ìlà mìíràn lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí aláìsàn ń kọ orúkọ: "Béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó bá wọn gba èsì, kọ orúkọ rẹ̀, kí o sì fún wọn ní ìwé gbígbà." Bákan náà ni ti fóònù: bí ẹnì kan bá pè wá béèrè èsì, a ó pè é padà sórí nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì, kì í ṣe èyí tó fi pè. Ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá wá béèrè fáìlì, máníjà ni yóò gba lẹ́tà wọn. Ẹni ojú kántà ò ní láti mọ ohun tí òfin gbà àti èyí tí kò gbà.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ má béèrè bóyá ó yé wọn, gbogbo wọn ló máa ní ó yé àwọn. Ẹ ṣe bíi bàbá alágbádá, kí ẹ wo ohun tí òṣìṣẹ́ yóò ṣe. Bí ó bá ní "jẹ́ kí n bi ọ̀gá" sí gbogbo nǹkan, ìwé yín ò ṣe pàtó. Bí ó bá ń gba ẹ̀yìn lọ, ẹ wo ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè ti kọ ọ́ pé fóònù ilé iṣẹ́ nìkan ni kí wọ́n fi fi èsì ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, àmọ́ iná lọ ní aago mẹ́wàá, fóònù náà kú, dókítà ń retí, òṣìṣẹ́ sì fi fóònù ara rẹ̀ ya èsì. Àwòrán yẹn á wà nínú fóònù rẹ̀ títí di ọjọ́ tó bá tà á ní Kọ̀ǹpútà Fílééjì. Ìlà tó sọnù ni "bí iná bá lọ": páwà báǹkì tó kún nínú dúrọ́ọ̀, tàbí kí wọ́n pe dókítà pé èsì á pẹ́.

Gbogbo ìwé, ti máígàádì títí dé ti kaṣíà, ní láti ní ìlà kan náà nísàlẹ̀: "Bí èsì bá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀, kọ aago àti nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí o sọ fún máníjà lójú ẹsẹ̀. Má ṣe pa á rẹ́ kí o sì dákẹ́." Bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bá lè pa ẹni tó ni ìsọfúnni lára, òfin fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti sọ fún Àjọ Ààbò Dátà Nàìjíríà, láti ìgbà tó ti mọ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́ di ọjọ́ Ẹtì ti jẹ nínú wákàtí yẹn. Nítorí náà, ẹ má fi gígé owó oṣù halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá tètè sọ.

Ìlà mẹ́fà tàbí méje tó fún ẹnì kan. Ti máígàádì, ẹ kọ ọ́ ní èdè tó ń kà, bí kò bá mọ̀wé kà, ẹ kà á fún un, kí òun náà kà á padà láti orí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kántà níbi tí òṣìṣẹ́ ń wò, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ àti orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè. Bí ẹ bá yí nǹkan padà, irú bíi kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èsì ránṣẹ́ lórí ímeèlì, ẹ ya ti àtijọ́ kúrò lára ògiri kí ẹ tó lẹ tuntun.