Bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè "Kí lo máa ṣe?" lórí ààbò àti òótọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà

Ìdánwò kan wà tí àwọn iléeṣẹ́ máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà tó ń wáṣẹ́, tí kò ní ìṣirò kankan nínú. Wọ́n á ròyìn ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á kọ nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún tí èèyàn lè ṣe sí i sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá ní kí o tò wọ́n láti orí èyí tó dára jù dé orí èyí tó burú jù. Nígbà mìíràn, ẹyọ kan tó dára jù àti ẹyọ kan tó burú jù ni wọ́n á ní kí o mú. Ìbéèrè kí-lo-máa-ṣe ni èmi máa ń pè é.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó ṣe irú rẹ̀, mo rò pé mo ti mọ ọgbọ́n rẹ̀. Ibikíbi tí mo bá ti rí "lọ sọ fún ọ̀gá," mo fi sí ipò kìíní. Ọgbọ́n yẹn gbè mí nínú ìbéèrè tó dá lórí owó àti ìwé. Nínú èyí tó dá lórí ààbò, ó bà mí jẹ́ pátápátá. Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan wo ìdí rẹ̀.

*Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ni ọ́ ní ilé ẹ̀rọ kan. Aago méjì òru ti lù. Páálí há sábẹ́ bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù, iṣẹ́ sì dúró. Tẹkiníṣíànì àgbà kan tẹ bọ́tìnnì pupa, bẹ́líìtì dúró, ó wá ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè láti fa páálí náà yọ. Kò sí àgádágodo lára ṣíwíìṣì àgbà. Súpáfáísọ̀ wà ní ọ́fíìsì lókè.*

A. O dúró ti bọ́tìnnì náà kí ẹnikẹ́ni má baà tan ẹ̀rọ títí tí yóò fi fa páálí yọ.
B. O ní kó dúró, kó má tọwọ́ bọ ibẹ̀ títí wọn yóò fi pa ṣíwíìṣì àgbà, tí wọn yóò sì fi àgádágodo tì í.
D. O gòkè lọ pe súpáfáísọ̀.
E. O jẹ́ kó ṣe é tán, o sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ààbò tó bá di àárọ̀.

Fi ọwọ́ bo àwọn ìdáhùn ná

Má tíì ka A dé E. Ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mejì, kí o wá nǹkan mẹ́ta nínú rẹ̀: kí ló lè ṣe èèyàn léṣe, ó ku ìṣẹ́jú mélòó kó ṣẹlẹ̀, àti pé kí ni ìwọ láṣẹ láti ṣe níbẹ̀.

Ohun tó lè ṣeni léṣe kò farasin: bí bẹ́líìtì bá yí, yóò fa ọwọ́ lọ sáàárín òun àti rólà. Àkókò ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí. Ẹni tó kọ ìbéèrè yìí kò ṣèèṣì sọ pé ọkùnrin náà "ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè." Ohun tó ń sọ fún ọ ni pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù. Aago méjì òru náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ìtàn lásán. Ó túmọ̀ sí pé oorun ń kun àwọn èèyàn, àti pé àwọn tó lè dá sí ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Ní ti àṣẹ, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́. O kò láṣẹ láti tú ẹ̀rọ, o kò sì láṣẹ láti lọ já ṣíwíìṣì àgbà fúnra rẹ, nítorí o lè pa ohun mìíràn tí ṣíwíìṣì kan náà ń gbé iná fún. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó nílò àṣẹ kó tó sọ pé "ẹ dúró."

Mọ ohun tí bọ́tìnnì pupa ń ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ibí ni ẹni tó mọ ẹ̀rọ ti ń yàtọ̀ sí ẹni tó kàn jẹ́ ọmọlúàbí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé nígbà tí bẹ́líìtì ti dúró, ewu ti tán. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, wáyà tó ń fún ẹ̀rọ láṣẹ ni bọ́tìnnì yẹn ń já. Iná ńlá ṣì wà nílẹ̀, ó ń dúró de àṣẹ mìíràn. Ẹnì kan lè tú bọ́tìnnì náà sílẹ̀ kó sì tan ẹ̀rọ láti ibòmíràn láìmọ̀ pé ọwọ́ èèyàn wà nínú rẹ̀. Òfin OSHA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 29 CFR 1910.147, sọ ọ́ kedere pé bọ́tìnnì kì í ṣe ohun tí a fi ń ya ẹ̀rọ nípá kúrò lára agbára tó ń gbé e ṣiṣẹ́.

Iná nìkan kọ́ sì ni agbára. Bẹ́líìtì tí páálí há mọ́ ti fà le bí okùn ọrun. Bí páálí yẹn bá yọ, bẹ́líìtì lè ta síwájú lójijì láìsí iná rárá. Èyí tó bá wà lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ lè yí padà sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Atẹ́gùn tí wọ́n fún pọ̀ sínú páìpù náà kì í lọ nítorí pé wọ́n tẹ bọ́tìnnì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa rèé. Wọ́n á sọ fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà pé wọ́n fẹ́ pa á. Wọ́n á pa á bó ṣe yẹ, wọ́n á já ṣíwíìṣì àgbà, kálukú tó máa tọwọ́ bọ ẹ̀rọ á sì fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, káàdì orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú atẹ́gùn sílẹ̀, wọ́n á dẹ ohun tó fà le, wọ́n á ti ohun tó lè já bọ́ lẹ́sẹ̀. Ní ìparí, wọ́n á rí i pé kò sẹ́ni nítòsí ẹ̀rọ, wọ́n á wá tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ wò. Bí ẹ̀rọ kò bá mira, a jẹ́ pé ṣíwíìṣì tí wọ́n já gan-an ni tirẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń fò jù. Mo ti rí ibi tí ṣíwíìṣì méjì tó jọra wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àmì orí wọn ti parẹ́; níbẹ̀, àgádágodo tó dára jù lọ lè wà lára ṣíwíìṣì ẹ̀rọ ẹlòmíràn.

Wàyí o, ṣí àwọn ìdáhùn

Fi àkókò díwọ̀n ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Èwo ló dé kí ọwọ́ tó wọlé?

B nìkan ló dé. Òun ni ipò kìíní, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Kò sì gba ariwo: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná, ẹ má tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Iná ṣì wà lórí rẹ̀." Bí wọ́n bá kọ ìdáhùn tó jọ B ṣùgbọ́n tó ní kí o bú ọkùnrin náà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbé e sísàlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n má gbé e kọjá sábẹ́ D. Èébú a máa dunni, àmọ́ ìka tó gé kì í hù.

D ni ipò kejì. Súpáfáísọ̀ yóò ṣe ohun tó yẹ, ṣùgbọ́n kí o tó gun àtẹ̀gùn dé òkè, ọwọ́ ti wà níbẹ̀. Ohun tó bà mí jẹ́ lọ́jọ́sí nìyẹn: ẹni tó yẹ ni mo lọ bá, ìgbà tí mo lọ ni kò yẹ.

A ni ìdẹkùn. Ó jọ ìrànlọ́wọ́, ó jọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀, nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń fi í sí ipò kejì. Bọ́tìnnì kan péré lo ń ṣọ́. O kò ṣọ́ yàrá tí wọ́n ti ń darí ẹ̀rọ, o kò sì lè ṣọ́ bẹ́líìtì tó fà le. Èyí tó tún burú ni pé dídúró tí o dúró síbẹ̀ ń fi ọkàn ọkùnrin náà balẹ̀ pé kò séwu. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi A sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn E. Ẹlòmíràn lè ní E ló yẹ kó kẹ́yìn nítorí pé kò ṣe nǹkan kan títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò sì ní bá a jà. Níbi tí wọ́n bá ti ń ní kéèyàn tò wọ́n, bí ètò rẹ ṣe sún mọ́ ti àwọn àgbà iṣẹ́ tó pèsè ìdáhùn ni wọ́n sábà fi ń fúnni ní máàkì. Gbígbé A àti E fún ara wọn nísàlẹ̀ kò ní mú máàkì púpọ̀ lọ. Gbígbé B sí ipò kẹta ni yóò dùn ọ́.

Bí ìbéèrè bá dá lórí ìwé

Jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ lórí ìtàn kan náà. Súpáfáísọ̀ gbé fọ́ọ̀mù kan wá, ó ní kí o fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí pé wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ wò lẹ́yìn tí wọ́n fi àgádágodo ti ẹ̀rọ. O kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Òun náà ni yóò kọ ìròyìn ìkọ́ṣẹ́ rẹ.

Ètò yí padà níbí, torí pé kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀rọ. Àyè wà láti sọ̀rọ̀. Ìdáhùn tó ní kí o sáré lọ bá ọ̀gá àgbà kò tọ́ sí ipò kìíní mọ́. Èyí tó ní kí o sọ fún súpáfáísọ̀ fúnra rẹ̀ pé o kò rí i, pé kí ẹni tó rí i fọwọ́ sí i, ló ṣíwájú. Bó bá ta kú, ìgbà náà lo máa gbé e lọ sókè. Ṣọ́ra fún èyí tó ní kí o fọwọ́ sí i ná, kí o wá lọ sọ fún ẹni tó ń bójú tó ààbò lẹ́yìn náà. Ó dà bí ọ̀nà àárín, ṣùgbọ́n irọ́ ti wà nínú ìwé, orúkọ rẹ ló sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìwé lè dà bí ohun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ èèyàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1988, lórí Piper Alpha, ibùdó ìwapo kan nínú Òkun Àríwá, wọ́n ti yọ fáàfù ààbò ara pọ́ńpù kan láti tún un ṣe, wọ́n sì fi àwo irin dé ojú ihò rẹ̀. Ìròyìn fáàfù yẹn kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó gbaṣẹ́ lálẹ́. Nígbà tí pọ́ńpù kejì kú, wọ́n tan ti àkọ́kọ́ náà, gáàsì tú jáde, ó bú gbàmù. Èèyàn 167 ló kú. Bí ìwé kò bá sọ ohun tó wà nílẹ̀ gan-an, ẹni tó gbaṣẹ́ tẹ̀ lé e ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Yí ohun kan padà, kí o tún un tò

Bí mo ṣe ń fi dánra wò nìyí: tí mo bá ti to ìdáhùn tán, mo máa ń yí ẹyọ ohun kan péré padà nínú ìtàn, kí n wò ó bóyá ètò mi yóò yí. Ká ní ọkùnrin náà ti fi àgádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ wò ńkọ́? "Ẹ dúró" náà ló ṣì ṣíwájú, ohun tí o máa ní kó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló yàtọ̀. Ká ní súpáfáísọ̀ dúró tì yín ńkọ́? D ti di ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá B dọ́gba. Ká wá ní ọwọ́ ti wà nínú rẹ̀, bẹ́líìtì sì ti ń yí ńkọ́? Bọ́tìnnì pupa tí mo ti ń bú láti òkè wá ni ipò kìíní. Tẹ̀ ẹ́ kí o tó lanu.