Bí mo ṣe tún lẹ́tà ṣẹ́ẹ̀kì tí báǹkì dá padà kọ

Báǹkì dá ṣẹ́ẹ̀kì tí oníbàárà wa kan fi san owó ọjà padà láìsan. Ẹni tó ń bójú tó gbèsè lọ́ọ́fíìsì wa ti kọ lẹ́tà sílẹ̀, ó wá ní kí n bá òun wò ó kó tó lọ. Ohun tó kọ nìyí:

"Ó yà wá lẹ́nu pé ẹ fún wa ní ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nínú. Irú ìwà yìí kò bá àjọṣe wa mu. Ẹ tètè ṣe ohun tó yẹ, kí a má baà gbé ìgbésẹ̀ mìíràn."

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀, mo ní kó mú ìwé tí báǹkì so mọ́ ṣẹ́ẹ̀kì náà wá. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí a padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé báǹkì ń fi èyí sọ pé owó kò sí, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìfọwọ́sí tí kò jọ èyí tó wà lọ́wọ́ báǹkì lè fà á, owó tó ti wọ àkáǹtì tí báǹkì kò tíì gbà kí wọ́n ná náà lè fà á. Mo yẹ ṣẹ́ẹ̀kì náà wò: déètì rẹ̀ ti pé, iye tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ bá èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ mu. Ohun tó kù, inú àkáǹtì oníbàárà ló wà, a kò sì lè rí ibẹ̀. Ìdí tí mo fi pa "kò lówó nínú" rẹ́ nìyẹn: a kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Lẹ́tà náà le létí, síbẹ̀ kò béèrè ohun kan pàtó. Ṣẹ́ẹ̀kì wo? Báwo ni kí wọ́n ṣe san án? "Ẹ tètè" kì í ṣe ọjọ́. Èyí tí mo kọ rọ́pò rẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọjọ́ 9 oṣù yìí, báǹkì wa dá ṣẹ́ẹ̀kì yín nọ́ńbà 000418 padà láìsan. Wọn kò sọ ìdí; wọ́n ní kí a kàn sí yín. Nítorí náà, owó ọjà tó wà lórí ìwé owó nọ́ńbà 227 ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbogbo owó náà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì tó wà lórí ìwé owó náà, tàbí kí ẹ fún wa ní ṣẹ́ẹ̀kì tí báǹkì yín fúnra rẹ̀ kọ. Kó tó wa lọ́wọ́, ó pẹ́ tán, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 17. A kò ní tún gbé ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́ lọ sí báǹkì. A ó dá a padà fún yín tí owó tó rọ́pò rẹ̀ bá ti wọlé.

Bí ohun kan bá wà tó yẹ ká mọ̀, ẹ pè mí kí ọjọ́ náà tó pé."

Ẹ ó rí i pé báǹkì ló ń ṣe nǹkan nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Oníbàárà kò sí níbẹ̀ bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìpínrọ̀ kejì ló ń bá a sọ̀rọ̀, ohun tó kù láti ṣe nìkan ló sì ń sọ. Mo bèèrè ṣẹ́ẹ̀kì tí báǹkì kọ nítorí pé báǹkì máa ń yọ owó náà kúrò nínú àkáǹtì oníbàárà kó tó kọ ọ́. Ṣẹ́ẹ̀kì lásán tún lè padà bíi ti àkọ́kọ́. Gbólóhùn nípa ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́ náà ṣe pàtàkì, torí ẹni tó bá rò pé owó lè jáde lẹ́ẹ̀mejì kò ní yára san. A kò sì gbọ́dọ̀ dá a padà ṣáájú, nítorí ẹ̀rí gbèsè ni.

Ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ fẹ́ kí a fi "bóyá àṣìṣe báǹkì ni" kún un kó lè rọ̀. Mi ò gbà. Àwáwí la máa fi kọ́ wọn, a ó sì tún dá báǹkì lẹ́bi láìmọ̀dí. Ó tún fẹ́ fi owó tí báǹkì yọ lọ́wọ́ wa torí ṣẹ́ẹ̀kì náà kún gbèsè. Mo ka àdéhùn ọjà wa, kò sọ ohun kan nípa rẹ̀, a sì fi í sílẹ̀. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ǹ bá kọ ọ́ sí, pẹ̀lú iye rẹ̀.

Ẹni tó fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì náà nìkan la fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, a kò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn tó ń wá ra ọjà fún un. Owó wọlé kí ọjọ́ 17 tó pé. Wọn kò sọ ìdí, a kò sì béèrè. A ṣe ẹ̀dà ṣẹ́ẹ̀kì náà sínú fáìlì, mo fa ìlà kọjá lójú rẹ̀ láti fagi lé e, a sì dá a padà pẹ̀lú rìsíìtì.