Bí mo ṣe yẹ ìdáhùn kọ́táìlì wò pẹ̀lú nóòtì kíláàsì

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì níbí n'Ìbàdàn gbé iṣẹ́ ìṣirò kan wá bá mi. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣe é tán, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn ò bára mu. Olùkọ́ wọn sì ti kọ ọ́ sókè ìwé ìbéèrè náà pé ẹni tó bá lo ọ̀nà tó wà nínú nóòtì tí òun gbé sórí ìkànnì kíláàsì nìkan ni yóò gba máàkì. Ohun tí àbúrò mi fẹ́ mọ̀ ni pé, nínú àwọn méjèèjì, ìdáhùn ta ló bá nóòtì mu?

Ìbéèrè náà ò le. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá dúró de Máíkírà ní Agbowó. Ìṣẹ́jú tí kálukú wọn fi dúró nìyí, a ti tò ó láti orí èyí tó kéré jù:

4, 6, 10, 12, 13, 15, 18, 20, 24, 36

Kí wọ́n wá kọ́táìlì kìíní (Q1) àti ìkẹta (Q3), ìyẹn ibi tí ìdámẹ́rin àkọ́kọ́ nọ́ńbà náà parí sí àti ibi tí ìdámẹ́rin tó kẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì sọ bóyá 36 jìnnà sí àwọn yòókù débi tó fi yẹ ká yà á sọ́tọ̀. Àbúrò mi rí 10.5 àti 19.5. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí 10 àti 20. Àwọn méjèèjì ló ní ká ya 36 sọ́tọ̀.

Mi ò kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kankan. Bí mo bá ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ èmi, tèmi ni màá fi máa wọn tiwọn, tèmi sì lè má bá ti olùkọ́ wọn mu. Kọ́táìlì kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí. Ní 1996, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Hyndman àti Fan, to ọ̀nà mẹ́sàn-án tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà ń gbà wá irú nọ́ńbà yìí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdí tiẹ̀. Nítorí náà, nóòtì ni mo ṣí.

Fọ́múlà hàn kedere níbẹ̀: ipò Q1 ni (n+1)/4, ti Q3 sì ni 3(n+1)/4, níbi tí n ti jẹ́ iye nọ́ńbà tó wà nílẹ̀. Àpẹẹrẹ tó tẹ̀ lé e lo nọ́ńbà méje: 3, 5, 8, 9, 12, 14, 20. Ipò Q1 jẹ́ 8/4, ìyẹn 2, nọ́ńbà kejì sì ni 5. Ipò Q3 jẹ́ 6, nọ́ńbà kẹfà sì ni 14.

Àpẹẹrẹ yìí ni mo fi dán wọn wò. Dípò kí n máa bá wọn jiyàn lórí nọ́ńbà mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀, mo ní kí kálukú mú ọ̀nà tó lò wá sórí nọ́ńbà méje tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Excel ni àbúrò mi lò, ohun tó sì tẹ̀ síbẹ̀ nìyí:

```
=QUARTILE.INC(A1:A7,1)
```

6.5 ló jáde. Nóòtì ní 5. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ parí síbẹ̀.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba sùúrù díẹ̀. Ẹ̀rọ kọ́ ló lò. Ṣe ló pín nọ́ńbà náà sí apá méjì, ó wá mú èyí tó wà láàárín apá kọ̀ọ̀kan. Lórí àpẹẹrẹ olùkọ́, ó yọ 9 tó wà láàárín kúrò, ó ku 3, 5, 8 lápá kan, àárín rẹ̀ jẹ́ 5. 12, 14, 20 lápá kejì, àárín rẹ̀ jẹ́ 14. Ó bá nóòtì mu géérégé! Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní òun ló gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tó mú wọn pàdé ni pé n jẹ́ 7, bí a bá sì fi 1 kún un, ó ṣeé pín sí mẹ́rin láìṣẹ́kù. Mẹ́wàá ò rí bẹ́ẹ̀: 11/4 jẹ́ 2.75, kò sì sí nọ́ńbà kankan tó jókòó sípò 2.75.

Ibi tí ipò bá ti ní ìda nínú ni nóòtì kan ti ń yà kúrò lára èkejì, ó sì ṣeni láàánú pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà. Ìlà kan ṣoṣo ni, lábẹ́ àpẹẹrẹ yẹn: bí ipò bá ní ìda, ká mú ìda yẹn nínú àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì, ká fi kún èyí tó kéré. Ká ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ká sún ipò sí odidi tó sún mọ́ ọn jù, 2.75 á di 3, 8.25 tó jẹ́ ipò Q3 á di 8, ìdáhùn á sì jẹ́ 10 àti 20, bíi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀nà méjì ló lè gbé 10 jáde, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n fi iṣẹ́ hàn mí, kì í ṣe ìdáhùn nìkan.

Lẹ́yìn èyí la wá ṣe é bí nóòtì ṣe wí. Nọ́ńbà kejì ni 6, ìkẹta ni 10:

Q1 = 6 + 0.75 × (10 − 6) = 9

Q3 = 20 + 0.25 × (24 − 20) = 21

Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó rí i. Ti 36 ló sì yà mí lẹ́nu jù. Òfin Tukey ni nóòtì lò: yọ Q1 kúrò nínú Q3, sọ ìyàtọ̀ náà di ìlọ́po 1.5, fi kún Q3. Nọ́ńbà tó bá kọjá ibẹ̀ la ó yà sọ́tọ̀. Pẹ̀lú 9 àti 21, ìyàtọ̀ jẹ́ 12, ààlà bọ́ sí 39, 36 sì wà nínú ilé. Ti àbúrò mi bọ́ sí 33, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ́ sí 35, àwọn méjèèjì ló lé 36 síta. Àlàfo tó dà bí ohun kékeré nínú Q1 ti yí ìparí ọ̀rọ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ìparí ọ̀rọ̀ yẹn ló ní máàkì tó pọ̀ jù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Excel wá ń purọ́ ni?"

Kò purọ́. Mo ní kó wo 10.5 dáadáa: láti 10 dé 12, ìdámẹ́rin ọ̀nà ló rìn, ìyẹn ni pé ipò 3.25 ló dúró sí. 1 + (n−1)/4 ló ń mú 3.25 jáde, fọ́múlà tí QUARTILE.INC ń lò nìyẹn, QUARTILE lásán náà sì ń lò ó. Èyí tó bá nóòtì wọn mu ni QUARTILE.EXC, ó sì gbé 9 àti 21 jáde lójú wa. Ẹni tó bá ń lo ètò kọ̀ǹpútà R á bá irú ọ̀rọ̀ kan náà pàdé, torí bí kò bá sọ irú èyí tó fẹ́, 10.5 ni yóò rí. Kó kọ ọ́ báyìí, níbi tí x ti jẹ́ àwọn nọ́ńbà náà:

```
quantile(x, 0.25, type = 6)
```

Àbúrò mi tún kọ iṣẹ́ náà pẹ̀lú ọwọ́, mo sì ní kó kọ ìlà ipò sílẹ̀ kó tó kọ nọ́ńbà kankan, kí ẹni tó ń máàkì lè rí (n+1)/4 lójú ẹsẹ̀.

Ó wá rántí pé ẹlòmíràn ní kíláàsì wọn rí 8 fún Q1. Mo yí ojú ewé nóòtì síwájú, mo sì bá ìdáhùn rẹ̀ níbẹ̀. Fún nọ́ńbà tí wọ́n ti kó jọ sínú tábìlì, bíi 0 sí 9, 10 sí 19, n/4 ni nóòtì kan náà lò, kì í ṣe (n+1)/4. Ẹni yẹn ti mú n/4 wá síbi tí kò sí tábìlì. 10/4 jẹ́ 2.5, ìdajì ọ̀nà láti 6 dé 10 sì ni 8.