Bí o ṣe máa kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ẹni tí o fẹ́ kó ṣe onídùúró fún ọ

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ní Àkúrẹ́, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kò ní wá tẹ fọ́ọ̀mù onídùúró jáde. Ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta ni: àyè fún fọ́tò, àyè fún ibi iṣẹ́ àti àdírẹ́sì, àyè fún ìbuwọ́lùwé. Bí ọmọ náà bá ti sanwó tán, ẹnu ọ̀nà mi níbẹ̀ ló máa dúró sí, á fa fóònù yọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ẹni tó fẹ́ kó dúró fún un. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bà jẹ́. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ wọn hàn mí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Àwọn tó pọ̀ jù, ìgbà tí àgbàlagbà náà bá ti kà á tí kò sì fèsì ni wọ́n ń padà wá bá mi.

Kí o tó kọ ohunkóhun, jókòó ka fọ́ọ̀mù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà tó jẹ́ pé kí onídùúró kàn jẹ́rìí sí ìwà rẹ ni. Òmíràn wà tó sọ ọ́ kedere pé bí o bá kó owó tàbí ẹrù sá lọ, ọwọ́ onídùúró ni wọn yóò ti gbà á. Oore méjèèjì kì í ṣe ọgbọọgba, o kò sì lè bẹ èèyàn dáadáa bí ìwọ fúnra rẹ kò bá mọ ohun tí ò ń bẹ̀ ẹ́ fún. Wò ó bóyá òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fẹ́, àti láti ipele wo sókè, kí o má baà lọ dààmú ẹni tí wọn kò ní gbà.

Lẹ́yìn náà, ya àwòrán gbogbo ojú ewé rẹ̀. Kò dìgbà tí o bá sanwó fún mi kí n tó bá ọ gbé e sórí ẹ̀rọ. Tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán, dúró sí ibi tí òjìji rẹ kò ti ní bọ́ sórí ìwé, kí o sì yà á láti òkè tààrà. Bí ìwọ bá lè ka lẹ́tà tó kéré jù níbẹ̀, òun náà á lè kà á.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ gan-an. Wo èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ sí ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Bó ṣe kọ ọ́ nìyí:

“Ẹ kú alẹ́ mà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run á máa bù kún yín, ẹ ò ní ṣàárẹ̀, àwọn ọmọ yín á yàn, wọ́n á yanjú. Mà, mo ti ríṣẹ́ o. Ẹ kàn máa bá mi fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù onídùúró, mo ti kọ orúkọ yín sí i. Ṣebí ẹ mọ̀ mí láti kékeré. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbà á. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní já mi kulẹ̀. Ẹ ṣeun ṣáájú mà.”

Ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́. Ó kí wọn, ó gbàdúrà, ó lo “ẹ” láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dà bí ìgbà tí ẹni tí a jẹ ní gbèsè bá wá gba owó rẹ̀. Ohun tó fà á nìyẹn tí mo fi ní kí a wò ó ní ẹyọ ẹyọ.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni “mo ti kọ orúkọ yín sí i.” Ohun tó wá bẹ̀bẹ̀ fún, ó ti mú un kó tó bẹ̀bẹ̀. Bí màmá náà bá kọ̀ báyìí, ṣe ni yóò dà bíi pé ó ba ìwé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí fọ́ọ̀mù kí ẹni náà tó dáhùn, kódà bí ilé iṣẹ́ bá ń kán ọ lójú.

“Kàn” ló tẹ̀ lé e. “Ẹ kàn máa bá mi fọwọ́ sí i.” Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló ń sọ iṣẹ́ ẹlòmíràn di yẹpẹrẹ. Iṣẹ́ agbowó ni ọmọ náà rí, owó ìtajà ni yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, fọ́ọ̀mù náà sì sọ pé onídùúró ni yóò san án bí owó bá sọnù. Ẹni tó fẹ́ fi owó oṣù ara rẹ̀ dúró fún ọ, kì í ṣe pé ó “kàn” fọwọ́ sí nǹkan. Bí mo bá ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, “kàn” ni mo máa ń kọ́kọ́ wá kiri, mo sì máa ń yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

“Ṣebí ẹ mọ̀ mí láti kékeré” ń rán màmá náà létí ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, bíi pé àìmọ̀ nìkan ló lè mú un kọ̀. “Ẹ ò ní já mi kulẹ̀” tún ju ìyẹn lọ, torí ó ti ní orúkọ kan nílẹ̀ tó máa fi pè é bó bá kọ̀: ẹni tó já ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kulẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìyìn ni gbólóhùn yìí. Ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ sí ló mọ̀ pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ òun.

Ti “ẹ ṣeun ṣáájú” ńkọ́? Àwa tí a máa ń dúpẹ́ oore lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, tí a tún ń jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láti lọ sọ pé “ẹ ṣeun àná,” báwo la ṣe wá di ẹni tó ń dúpẹ́ kó tó rí nǹkan gbà? Ọpẹ́ tó bá ṣáájú oore, àṣẹ ni. Yọ ọ́ kúrò, kí o sì fi pa mọ́ di ọjọ́ tó yẹ.

Àdúrà kò burú, àmọ́ wo ibi tí o fi sí. Bí ìlà mẹ́ta àdúrà bá ṣáájú, tí ẹ̀bẹ̀ tẹ̀ lé e, àgbàlagbà á ti mọ̀ láti ìlà kejì pé nǹkan kan ń bọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ “Ọlọ́run á bù kún yín bí ẹ bá lè ṣe é,” o ti sọ àdúrà di owó ọjà. Kí wọn ní ṣókí, sọ ohun tí o bá wá, kí o fi àdúrà sí ìparí láìso ó mọ́ ìdáhùn wọn.

Bí mo ṣe ní kó tún un kọ rèé:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni, àkọ́bí ọ̀rẹ́ yín tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bá wá. Ilé ìtajà kan fẹ́ gbà mí sí iṣẹ́ agbowó, wọ́n sì ní kí n mú onídùúró méjì wá. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù wọn pé bí owó bá sọnù lọ́wọ́ mi, wọ́n lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ onídùúró, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín kí n tó kọ orúkọ sí i. Àwòrán rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí, kí ẹ lè kà á fúnra yín. Bó bá rọ̀ yín lọ́rùn, màá gbé e wá bá yín níbi tí ẹ bá fẹ́. Fọ́tò kan àti fọ́tòkọ́pì káàdì ìdánimọ̀ ni wọ́n ń béèrè. Bí kò bá rọrùn, kò burú rárá mà, ẹ̀gbọ́n kan wà tí mo tún lè lọ bá. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbà á, bí mo bá gbọ́ ohùn yín títí di Ọjọ́rú, ó ti tó. Ẹ ò ní rí àárẹ̀ iṣẹ́ o.”

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì yẹ kó gùn, torí ó sọ ibi tí ewu wà. Wo gbólóhùn “ẹ̀gbọ́n kan wà tí mo tún lè lọ bá.” Òun ni ilẹ̀kùn tí o ṣí sílẹ̀ fún wọn láti gbà jáde. Má kọ ọ́ bí kò bá jẹ́ òótọ́. Kọ́kọ́ ronú kan ẹlòmíràn náà, kí ọkàn rẹ balẹ̀, torí ẹni tí kò ní ibòmíràn tó lè lọ, ìlà tó tẹ̀ lé e ló máa tú u fó. Bí kò bá sí ẹlòmíràn lóòótọ́, fi mọ sí “kò burú rárá mà,” kí o sì dákẹ́ níbẹ̀.

Ti ọjọ́ náà tún wà. “Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbà á” gbé ìkánjú ilé iṣẹ́ ka àgbàlagbà lórí. Sọ ọjọ́ ti ilé iṣẹ́, sọ ọjọ́ tí ìwọ lè dúró dè, kí àyè tó wà láàárín méjèèjì sì jẹ́ tìrẹ láti fi wá ẹlòmíràn.

Kí o tó fi ránṣẹ́, fi ṣọwọ́ sí nọ́ńbà ara rẹ lórí Wáàsáàpù, kà á sókè, kí o gbọ́ bó ṣe ń dún. Wá “o” àti “rẹ” níbi tó yẹ kí “ẹ” àti “yín” wà. Ó máa ń yọ́ wọlé lára àwọn tó ń sáré tẹ̀. Má ṣe fi èyí tí o kọ sí ẹnì kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Mo ti rí “sà” nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí obìnrin. Bí o bá rí àṣìṣe lẹ́yìn tó ti lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Wáàsáàpù fún ọ láti tún un ṣe.

Láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá ọjọ́ iṣẹ́ ni mo máa ń ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ Ajé, kì í sì í ṣe lálẹ́. Má fi ohùn ránṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n lè fẹ́ fi han ọkọ wọn tàbí kí wọ́n padà kà á, ohùn kò sì ṣeé wò lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tí kì í kàwé lórí fóònù, pè wọ́n, kí wọn, kí o béèrè ìgbà tí o lè yọjú, kí o sì gbé fọ́ọ̀mù náà lọ.

Bí Ọjọ́rú bá pé tí o kò gbọ́ nǹkan, ìránlétí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù fún ọ: “Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ní kí n béèrè lórí fọ́ọ̀mù ọjọ́sí. Bí kò bá rọrùn, màá lọ bá ẹ̀gbọ́n yẹn lónìí, kí ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu.” Má kọ “ẹ ò tíì dá mi lóhùn.” Bí wọ́n bá sọ pé àwọn kò lè ṣe é, dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà, dúpẹ́ pé wọ́n tètè sọ fún ọ, má sì béèrè ìdí.

Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ kí o tó gbé e lọ sí ilé iṣẹ́. Mú ẹ̀dà kan padà fún wọn, kí ohun tí wọ́n fọwọ́ sí lè wà lọ́wọ́ wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kọ̀wé sí wọn pé “ẹ ṣeun àná mà,” kí o sì jẹ́ kí wọ́n mọ ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.